Dísíìkì SMR tó ń wọ́ bí ìgbín nígbà tẹ́ ẹ bá ń tún RAID kọ́: bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀, bẹ́ ẹ ṣe máa là á já

Ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń ya fídíò ìgbéyàwó n'Íbàdàn ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Sáfà rẹ̀ ní dísíìkì mẹ́rin, tẹ́rábáìtì mẹ́rin mẹ́rin, RAID 5 lórí Linux, ìyẹn ètò tó so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ bí ẹyọ kan, tí ọ̀kan fi lè kú láìjẹ́ pé nǹkan sọnù. Ọ̀kan kú, ó ra tuntun, ó kì í bọ̀ ọ́, gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dáadáa, eré ló ń sá. Nígbà tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì ohun tó rí nìyí:

```
[=>...................]  recovery =  6.9% (269575073/3906885120) finish=9892.6min speed=6128K/sec
```

Ìṣẹ́jú 9892, ẹ ṣírò ẹ̀, ó ku díẹ̀ kó pé ọjọ́ méje. Ó ní "Àbúrò, ṣé tuntun tí mo rà yìí náà ti bàjẹ́ ni? Mo fẹ́ yọ ọ́." Mo ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ fún mi ná." Bó ṣe ka nọ́ńbà yẹn ni mo ti mọ̀. SMR ni. Dísíìkì yẹn ò bàjẹ́ rárá, irú iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe ni ò bá a mu.

Mo fẹ́ kọ bá a ṣe ṣe é yẹn síbí, nítorí mo ti rí ẹni tó yọ dísíìkì tó dáa, tó fi òmíì tó jẹ́ irú kan náà rọ́pò ẹ̀, tó tún wá bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Gbogbo àsìkò yẹn RAID 5 ẹ ò ní ààbò kankan, tí ẹyọ kan bá tún kú, ó tán nìyẹn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ gan-an

Ẹ wo páànù orí ilé. Bẹ́ ẹ bá ń kan páànù, ẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀, èyí tó wà lókè á gorí etí èyí tó wà nísàlẹ̀. Dísíìkì SMR náà nìyẹn. Orí tó ń kọ nǹkan sínú dísíìkì fẹ̀ ju orí tó ń kà á lọ, torí náà wọ́n jẹ́ kí ìlà kan gorí apá kan ìlà tó ṣáájú ẹ̀, ìwọ̀nba tí wọ́n fi sílẹ̀ tó orí tó ń kà láti kà. Ìyẹn ni wọ́n ṣe rí àyè púpọ̀ sí i lórí àwo kan náà. CMR, ìyẹn dísíìkì àtijọ́, ìlà kọ̀ọ̀kan dá dúró ní tiẹ̀, ìkan ò gun ìkan.

Ibi tí wàhálà wà ni pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ páànù ìsàlẹ̀, ẹ ní láti ṣí gbogbo èyí tó gorí ẹ̀. Wọ́n pín àwọn ìlà yẹn sí ìdì ìdì, kí àtúnkọ má baà ran gbogbo dísíìkì. Ká ní ìdì kan jẹ́ mẹ́gábáìtì 30, tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí kílóbáìtì mẹ́rin péré padà láàárín ẹ̀, dísíìkì á ka ìdì yẹn, á pa á pọ̀ mọ́ tuntun, á wá kọ gbogbo ẹ̀ padà. Ẹ fún un ní ààbọ̀ sẹ́kọ́ǹdì lórí ìdì kan. Tí irú ìyípadà kékeré bẹ́ẹ̀ bá fọ́n sórí ìdì ẹgbẹ̀rún kan, ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti díẹ̀ ti lọ nìyẹn, ẹ ò sì tíì kọ nǹkan gidi.

Káwọn èèyàn má baà rí ìyà yẹn, dísíìkì náà ní káàṣì kan lórí àwo ẹ̀ fúnra ẹ̀, apá kan tí ìlà ò ti gun ara wọn, ó sábà máa ń jẹ́ gígábáìtì bíi mélòó kan lé ní mẹ́wàá. Gbogbo nǹkan kéékèèké tó bá wọlé, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dà á sí wéré wéré, tó bá wá rí àyè, tí ẹnì kankan ò yọ ọ́ lẹ́nu, á máa kó o lọ sáyè wọn díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń yára níbẹ̀rẹ̀. Ẹ ní káàṣì yẹn jẹ́ gígábáìtì 30, tí nǹkan sì ń wọlé ní mẹ́gábáìtì 150 ní sẹ́kọ́ǹdì, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀ ó ti kún. Tó bá ti kún, ó gbọ́dọ̀ máa kó jáde kó tó lè gba tuntun wọlé, ibẹ̀ ni eré á ti já sí mẹ́gábáìtì mẹ́wàá, márùn-ún, nígbà míì kó dúró pátápátá fún sẹ́kọ́ǹdì mélòó kan.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ dì mú torí orí ẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé. Tí nǹkan bá ń wọlé ní títò, látìbẹ̀rẹ̀ dísíìkì lọ sópin, láìfò síbí sọ́hùn-ún, púpọ̀ nínú àwọn dísíìkì yìí máa ń mọ̀, wọ́n á kan páànù wọn lọ tààrà láìgba inú káàṣì. Àtúnkọ́ RAID 5 pẹ̀lú mdadm, irinṣẹ́ tí Linux fi ń bójú tó RAID, títò ló ń lọ. Ó yẹ kó rọrùn fún un. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni àwọn tó ń kọ nǹkan míì sórí RAID yẹn lásìkò kan náà.

Kọ́kọ́ mọ irú dísíìkì tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ má gbára lé orúkọ tó wà lára páálí. Ní April 2020 ló hàn sí gbogbo ayé pé Western Digital ti fi SMR sínú WD Red tẹ́rábáìtì 2 sí 6, èyí tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ RAID, láìkọ ọ́ síbì kankan, Seagate àti Toshiba náà gbà pé àwọn ní irú ẹ̀ nínú dísíìkì kan tí wọ́n ń tà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àkójọ jáde. Nọ́ńbà kíkún lẹ máa wò, sdf lorúkọ dísíìkì tuntun ẹ̀gbọ́n níbí:

```
smartctl -i /dev/sdf
lsblk -D /dev/sdf
cat /sys/block/sdf/queue/zoned
```

WD40EFAX àti WD60EFAX, SMR ni wọ́n. WD40EFRX àti WD60EFRX, CMR ni. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, WD80EFAX, tẹ́rábáìtì mẹ́jọ, CMR ni òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé EFAX ló fi parí, torí náà kì í ṣe lẹ́tà ìparí nìkan lẹ máa wò. Lọ́dọ̀ Seagate, ST4000DM004 jẹ́ SMR, IronWolf jẹ́ CMR. Toshiba P300 ti tẹ́rábáìtì 4 àti 6 jẹ́ SMR, N300 jẹ́ CMR. WD náà ti wá ya orúkọ sọ́tọ̀ báyìí, Red Plus ni CMR.

Tí nọ́ńbà ò bá sí lákòójọ kankan, ẹ wo ìlà tó sọ pé `TRIM Command` nínú èsì smartctl. TRIM ni àṣẹ tó ń sọ fún dísíìkì pé àyè kan ti ṣófo. Dísíìkì tó ń yí ò nílò ẹ̀, SSD ló nílò ẹ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá rí `Available` lórí dísíìkì tó ń yí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé SMR ni. lsblk á fi nọ́ńbà tí kì í ṣe òdo hàn lábẹ́ DISC-MAX. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀, torí àwọn SMR kan wà tí ò ní TRIM, pàápàá àwọn Seagate àtijọ́, àti pé tó bá jẹ́ orí USB lẹ so ó mọ́, ó lè má hàn. Àṣẹ kẹta yẹn á sọ fún yín pé `none`. Ẹ má jẹ́ kíyẹn tàn yín, ohun tó ń sọ ni pé dísíìkì yẹn ń bójú tó páànù ẹ̀ fúnra ẹ̀, kò jẹ́ kí Linux mọ̀.

Ẹ yà á sọ́tọ̀ sí dísíìkì tó ń kú lóòótọ́

Èyí ṣe pàtàkì ju kẹ́ ẹ máa bínú sí ẹni tó tà á lọ. Ẹ ṣe `smartctl -A /dev/sdf`, ẹ wo `Reallocated_Sector_Ct`, `Current_Pending_Sector` àti `UDMA_CRC_Error_Count`. Tí méjì àkọ́kọ́ bá ń lọ sókè, dísíìkì yẹn ń ṣàìsàn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀kẹta ló ń lọ sókè, wáyà ló ń dààmú yín, ẹ pààrọ̀ wáyà. Tí gbogbo ẹ̀ bá wà ní òdo, ẹ wá wo èyí:

```
iostat -xm sdb sdc sde sdf 10
```

Ẹ fojú sí `wMB/s`, `w_await` àti `%util`. Ti ẹ̀gbọ́n mi yìí, dísíìkì mẹ́ta àtijọ́ ń sinmi, `%util` wọn ò tó mẹ́wàá, ṣùgbọ́n sdf wà ní 100 gbáko, `w_await` rẹ̀ ń lọ láti 2000 sí 6000, ìyẹn ni pé nǹkan kan tẹ́ ẹ bá ní kó kọ, sẹ́kọ́ǹdì méjì sí mẹ́fà ló ń dúró lórí ìlà kó tó kàn án. `wMB/s` ẹ̀ jẹ́ mẹ́fà. Dísíìkì kan dí gbáko, ó ń ṣiṣẹ́ kékeré, kò sì sí àmì àìsàn kankan lára ẹ̀: káàṣì tó ti kún nìyẹn. Ẹ lè fetí sí i pàápàá, tẹ́ ẹ bá dá ohun gbogbo dúró á ṣì máa kù rìrì fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ilé ẹ̀ ló ń ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé e jáde

Linux máa ń fún dísíìkì ní sẹ́kọ́ǹdì 30 láti dáhùn. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, á rò pé ó ti kú, á tún ìsopọ̀ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí `hard resetting link` nínú dmesg, tó bá wá burú jù mdadm á lé e kúrò nínú RAID. Dísíìkì SMR tí káàṣì ẹ̀ kún lè dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Torí náà ohun àkọ́kọ́ tí mo ní kí ẹ̀gbọ́n tẹ̀ nìyí:

```
echo 180 > /sys/block/sdf/device/timeout
```

Ẹ̀ẹ̀kan tí sáfà bá kú tó tún tàn, ó ti padà sí 30 nìyẹn, ẹ tún un tẹ̀. Ohun tí èyí ń ṣe ò ju pé ó ní sùúrù fún dísíìkì yẹn, kò mú un yára.

Ẹ mú ọwọ́ gbogbo èèyàn kúrò lórí ẹ̀

Ibí yìí ni iṣẹ́ gidi wà. Lórí sáfà ẹ̀gbọ́n, ọmọ iṣẹ́ méjì ṣì ń gé fídíò lórí RAID yẹn bó ṣe ń tún ara ẹ̀ kọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi nǹkan pamọ́, apá kan nínú ẹ̀ ń bọ́ sórí dísíìkì tuntun, síbi tó jìnnà síbi tí àtúnkọ́ dé, títò tí mo sọ yẹn ti dà rú nìyẹn, ohun gbogbo á tún gba inú káàṣì. Ẹ dá iṣẹ́ tó ń lo ibẹ̀ dúró, kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀ pẹ̀lú `umount`. Tó bá jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ ka nǹkan níbẹ̀ dandan, ẹ jẹ́ kó jẹ́ kíkà nìkan:

```
mount -o remount,ro /srv/fidio
```

Kíkà á dín eré àtúnkọ́ kù díẹ̀, àmọ́ kò ní da nǹkan sínú káàṣì, ìyẹn la ṣe lè fàyè gbà á. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yẹn ò dùn sí i rárá, wọ́n ní oníbàárà ń dúró, mo sì mọ̀ bó ṣe rí lára, ṣùgbọ́n fídíò ìgbéyàwó tó sọnù kò ṣeé tún yà.

Lẹ́yìn náà, káàṣì tó ti kún ní láti rí àyè sinmi. Mo ò dá àtúnkọ́ dúró, mo kàn fà á sẹ́yìn ni:

```
echo 2000 > /sys/block/md0/md/sync_speed_max
```

Kílóbáìtì ni nọ́ńbà yẹn, mẹ́gábáìtì méjì ní sẹ́kọ́ǹdì. Ẹ kọ́kọ́ wo `sync_speed_min` tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ 1000, torí tí ẹnì kan bá ti gbé e sókè tẹ́lẹ̀, fífà yẹn ò ní ṣiṣẹ́. A fi sílẹ̀ báyẹn fún wákàtí mẹ́ta. `w_await` ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún sí ọgọ́rùn-ún mélòó kan, nígbà tí wákàtí mẹ́ta yẹn fi máa pé ó ti wà lábẹ́ 50. Ìgbà yẹn ni mo tó gbé e sókè:

```
echo 40000 > /sys/block/md0/md/sync_speed_max
```

Kí ló dé tí mi ò tú u sílẹ̀ kó sá tó bó ṣe fẹ́? Torí tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ju ohun tó lè gbé lọ fún àkókò gígùn, á tún kún, á tún já sí mẹ́fà, ẹ máa pàdánù ju ohun tẹ́ ẹ rò pé ẹ jèrè lọ. Ẹ ṣírò ẹ̀: nǹkan bí tẹ́rábáìtì 3.6 ló kù. Ní mẹ́gábáìtì 40 ní sẹ́kọ́ǹdì, wákàtí 25 ni. Ní mẹ́fà, ọjọ́ méje ni. Ogójì tó dúró ṣinṣin ló dáa fún mi ju 150 tó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta dùn lọ. Tí `w_await` bá dúró lábẹ́ ọgọ́rùn-ún fún wákàtí kan, ẹ lè gbìyànjú 60000, kẹ́ ẹ ṣọ́ ọ. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ sí ẹgbẹ̀rún, ẹ tètè fà á padà.

A parí ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì, wákàtí bí 28 látìgbà tó pè mí, pẹ̀lú ìsinmi yẹn nínú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná wà níbẹ̀ o. RAID 5 tí dísíìkì kan ò tíì sí nínú ẹ̀, tí iná bá lọ lójijì bí nǹkan ṣe ń wọlé, mdadm lè kọ̀ láti gbé e dìde, torí kò lè mọ̀ bóyá ohun tó wà nínú ẹ̀ bára mu. `--assemble --force` wà, àmọ́ ẹ má dúró dé ibẹ̀. Ẹ gbé e sórí ínfátà tàbí UPS kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, tí bátìrì bá fẹ́ tán ẹ fi `poweroff` pa á bó ṣe yẹ, tó bá tún tàn á máa lọ níbi tó dé.

Tó bá jẹ́ ZFS lẹ̀ ń lò

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ó sì burú jù. Àtúnkọ́ RAIDZ kì í lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dísíìkì dópin, ohun tí ẹ kọ sínú ẹ̀ ló ń tọ̀ lẹ́yìn, bí ẹ ṣe kọ ọ́ tó. Látìgbà tí ẹ̀dà 0.8 ti dé ó ń gbìyànjú láti tò wọ́n kó tó kọ wọ́n, àmọ́ fífò síbí sọ́hùn-ún ṣì pọ̀ nínú ẹ̀. `zpool replace -s` tó wà látinú OpenZFS 2.0 ń kọ ní títò lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí mirror àti dRAID nìkan ló ń ṣiṣẹ́, kò sí fún RAIDZ. ServeTheHome dán an wò lọ́dún 2020 lórí RAIDZ: WD40EFAX lo nǹkan bí wákàtí 229, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ mẹ́wàá, nígbà tí CMR tí wọ́n jọ jẹ́ tẹ́rábáìtì mẹ́rin ò ju wákàtí 17 lọ. WD40EFAX tí fímúwíà ẹ̀ jẹ́ 82.00A82 tún máa ń dá àṣìṣe tó ń kọ `IDNF` padà lábẹ́ irú iṣẹ́ yìí, ZFS á wá lé e jáde. Mi ò ní ọgbọ́n kankan láti fún yín lórí ìyẹn ju pé kẹ́ ẹ wá CMR kẹ́ ẹ fi rọ́pò ẹ̀.

Ẹ yọ ọ́ kúrò láìṣí RAID sílẹ̀

Bí àtúnkọ́ bá ti parí, ẹ má rò pé ó tán. Ìgbà tí òmíì bá tún kú, ìyà yẹn náà lẹ máa tún jẹ. Ẹ̀gbọ́n ra CMR kan lóṣù tó tẹ̀lé e, a so ó mọ́ ojú kan tó ṣófo, a wá tẹ̀:

```
mdadm /dev/md0 --add /dev/sdg1
mdadm /dev/md0 --replace /dev/sdf1 --with /dev/sdg1
```

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú `--replace` ni pé SMR yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú RAID títí tuntun á fi kún tán, kò sígbà kankan tí ààbò ò sí. Kíkà ni SMR ń ṣe níbẹ̀, kíkà ò sì nira fún un, CMR ló ń kọ. Ó tó wákàtí mẹ́jọ. Nígbà tó parí, a fi `mdadm /dev/md0 --remove /dev/sdf1` yọ SMR yẹn kúrò nínú RAID. Bẹ́ ẹ bá yọ dísíìkì tuntun tó jẹ́ SMR kíákíá kó tó di pé ohun gbogbo pé, tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ fi CMR bẹ̀rẹ̀, ìyẹn náà dáa tí CMR bá ti wà lọ́wọ́ yín. Tí kò bá sí lọ́wọ́, ẹ parí pẹ̀lú èyí tó wà.

Ibi tí SMR yẹn wúlò sí

A ò sọ ọ́ nù. A fi ṣe dísíìkì ìpamọ́, òun nìkan, kò sí RAID. Tó bá ní TRIM, ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, kó lè gbàgbé gbogbo páànù àtijọ́:

```
blkdiscard /dev/sdf
```

Ẹ ka orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó tẹ Enter, kò sí ìpadàbọ̀ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀dà blkdiscard tuntun ni, tó bá rí àmì pé nǹkan wà lórí ẹ̀, á kọ̀, á ní kẹ́ ẹ fi `-f` sí i.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó fídíò sí i, ẹ kó fáìlì ńlá ńlá, iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé mẹ́ta kí gbogbo wọn máa kó nǹkan sórí ẹ̀ papọ̀. Tó bá jẹ́ fáìlì kéékèèké ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni, ẹ fi tar dì wọ́n sínú ẹyọ kan kẹ́ ẹ tó gbé e lọ. Kẹ́ ẹ sì dín eré kù látìbẹ̀rẹ̀:

```
rsync -a --bwlimit=40m /srv/fidio/2023/ /mnt/ipamo/2023/
```

Tó bá parí, pàápàá àwọn dísíìkì kékeré tí wọ́n ń so mọ́ USB, torí SMR ni púpọ̀ nínú wọn, ẹ tẹ `sync`, kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀, àmọ́ ẹ má tíì fà á yọ. Ẹ fi iná sílẹ̀ fún un, kẹ́ ẹ gbọ́wọ́ lé e, ẹ máa rí i pé ó ṣì ń gbọ̀n. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.